Ìkìlọ̀ Ara Ẹ̀rọ Amúnáwá: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Náà 'Èéfín' Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ ọn. Ara ẹ̀rọ amúnáwá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní jẹnẹrétọ̀, ni wọ́n máa ń lẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a bá gbé ìkìlọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí láti inú Gẹ̀ẹ́sì wá sínú Yorùbá, ohun tí a ó rí kò ní jìnnà sí èyí:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ yìí nínú ilé. Èéfín rẹ̀ léwu fún ìlera. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti lò ó."

Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ nínú ìdánwò ìtumọ̀ yóò gba máàkì. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀ ṣì lè sùn kí ó má jí.

Orí èéfín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè wa, ohun tí ojú ń rí ni èéfín. Ó máa ń rú, ó máa ń ta ni lójú, ó máa ń mú ni wúkọ́. Ẹni tí ó ti fi igi dáná rí mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì mọ bí a ṣe ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ènìyàn nínú ohun tí ẹ̀rọ amúnáwá ń tú jáde ni gáàsì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́ọ̀nù monósáìdì. Bí epo bẹntiróòlù kò bá jó tán pátápátá nínú ẹ̀rọ ni gáàsì yìí máa ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ni lójú. Bí ènìyàn bá fà á símú, yóò gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Orí yóò máa fọ́ni, òòyì yóò máa kọ́ni, èébì yóò máa gbéni, ara yóò sì rẹni. Ọ̀pọ̀ á ní ibà ni, wọn á sì lọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà. Ẹni tí ó ti sùn tẹ́lẹ̀ kì í tilẹ̀ rí àmì kankan.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà èéfín wá ṣe fún òǹkàwé. Ẹ̀rọ tuntun tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ mọ́ tónítóní kì í rú èéfín dúdú. Onítọ̀hún yóò wò ó, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì gbà pé ìkìlọ̀ náà kò bá ẹ̀rọ tirẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ náà ti fi nǹkan mìíràn hàn án. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ kí a kọ májèlé. Àwọn kan á ní olóró sàn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí ń tẹ irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀. 'Gaasi oloro' láìsí àmì lè di gáàsì ọlọ́rọ̀! 'Majele' kò ṣe é kà sí nǹkan mìíràn.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni ó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ka ìkìlọ̀ náà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí. N kò bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò yé òun. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé: òjò ń rọ̀ lóru, olè sì wà ládùúgbò, níbo ni ẹ ó gbé ẹ̀rọ náà sí? Àwọn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ní pásẹ́èjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹnì kan ní ilé ìdáná, nítorí pé fèrèsé rẹ̀ tóbi. Kò sí èyí tí ó tako ìkìlọ̀ náà nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní gbogbo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibẹ̀ ni gáàsì náà ti lè wọ yàrá. Bí a bá sì sọ fún ọmọ pé kí ó bọ́ síta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni yóò dúró sí; 'ìta' wa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ààbò àwọn òǹrajà sọ ọ́ di dandan láti oṣù karùn-ún ọdún 2007 pé kí a lẹ ìkìlọ̀ kan pàtó mọ́ irú ẹ̀rọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ gbangba pé ṣíṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn kò tó. Ẹni tí ó bá gé ìlà yìí kúrò kí ìkìlọ̀ lè kúrú ti gé ọkàn rẹ̀ kúrò.

Ó ku bí a ó ṣe dárúkọ ikú. 'Léwu fún ìlera' kò lágbára. Sìgá náà léwu fún ìlera, àwọn tí ń fà á kò sì kú lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé 'yóò pa yín', Yorùbá yóò kà á sí èpè, yóò ní 'kò ní pa wá o', yóò sì kọjá lọ. Ó sàn kí a sọ ọ́ bí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Kí a sì yọ 'ẹ jọ̀wọ́' kúrò, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ṣe é kọ̀. 'Ẹ' tí a fi bọ̀wọ̀ fún àgbà ti tó. Èyí ni mo kọ:

"ẸRỌ YÌÍ MÁA Ń PA ÈNÌYÀN LÁÀÁRÍN ÌṢẸ́JÚ DÍẸ̀ BÍ A BÁ TÀN ÁN NÍNÚ ILÉ. Májèlé ń jáde láti inú rẹ̀. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má tàn án nínú yàrá, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìdáná, pásẹ́èjì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn yín àti ti aládùúgbò. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ tètè jáde kúrò nínú ilé."

Aládùúgbò kò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Èmi ni mo fi í kún un, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 20, èyí tí wọ́n ń gbani nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kí ẹ̀rọ fi jìnnà sí ilé, lè gbé e dé abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn ní Múṣin. Ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ kò lè dá àyè tí kò sí sílẹ̀. Nígbà mìíràn, kí a má tàn án rárá ni ó kù.

Ọ̀rẹ́ mi kan dábàá pé kí n fi 'ẹ pa á kí ẹ tó sùn' parí rẹ̀. Mo rò ó títí, mo sì kọ̀. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé kò sí ewu nínú ilé níwọ̀n ìgbà tí ojú òun bá ṣì là, gáàsì náà kì í sì í dúró de oorun. Ẹ̀bá okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ náà ni ó yẹ kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ yìí mọ́, kì í ṣe ara páálí rẹ̀ nìkan, tí a máa ń jù nù lọ́jọ́ tí a bá rà á.