Iyọ̀ Ti Wà Nínú Ọbẹ̀ Yín, Omi Ni Ẹ Ò Mu

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ìjà ni mo fẹ́ bá yín jà lóṣù yìí, iyọ̀ ni ìjà náà sì dá lé lórí. Láti ìgbà tí ooru oṣù kẹta ti dé bá wa ní Kánò níbí, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí mi ò rí ẹni tó di orí mú lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní orí ń fọ́ òun. Kíá ni ìmọ̀ràn á ti dé láti ọ̀nà mẹ́ta. Ẹnì kan á ní kó lo Panadó méjì. Ẹnì kejì á ní kó gbàdúrà gidi, pé àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹnì kẹta, tó ti ka nǹkan lórí Wọ́tsáàpù, á ní kó bu iyọ̀ sínú omi kó gbé e mu, nítorí pé omi lásán máa ń ṣan iyọ̀ ara dànù. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi í pé, "Omi mélòó lo ti mu láti àárọ̀?"

Èmi ń sọ ọ́ ní gbangba pé orí fífọ́ inú ooru, omi ló ń bèèrè lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe iyọ̀. Iyọ̀ ní àyè tirẹ̀, mo sì máa sọ ibi tí àyè náà wà àti bó ṣe tó. Ṣùgbọ́n àyè náà kéré gan-an sí ohun tí ẹ̀ ń bù sínú ife.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ ni pé a bá àṣà ilé wá sí òkè ọya. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí ooru bá mú, òógùn á máa kán, aṣọ á rin, ẹ ó sì mọ̀ pé omi ń jáde lára yín. Níbí, nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ó ń gbá òógùn lọ kí ó tó kán. Ara yín gbẹ, aṣọ yín gbẹ, ẹ wá ń sọ pé, "Ṣebí mi ò tiẹ̀ làágùn." Ẹ làágùn o! Ẹ ò rí i ni.

Ẹ jẹ́ ká mú arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wò, kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó jí ní aago mẹ́fà, ó mu ife tíì kan. Kò mu omi mọ́, nítorí kò fẹ́ máa dìde lọ sí ilé ìtọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Ó kọrin, ó jó, abẹ́ páànù gbígbóná ló wà títí di aago kan ọ̀sán. Ó rọrùn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti pàdánù lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ ìdajì lítà ìdajì lítà. Iyọ̀ tó bá òógùn yẹn lọ ńkọ́? Nínú lítà òógùn kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ sábà máa ń wà láàárín gíráàmù kan sí mẹ́ta. Tí a bá mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò ju ìdajì ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì lọ. Àwo ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ń dúró dè é nílé á dá a padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má pé gíráàmù márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan péré. Pẹ̀lú mágí, búrẹ́dì àti índómì tí à ń jẹ, mélòó nínú wa ni kì í kọjá ibẹ̀?

Nítorí náà, kí arábìnrin yìí jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kó mu píọ̀ wọ́tà kan, kì í ṣe ní ìmí kan, bí kò ṣe díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ọ̀pọ̀ ni orí wọn á fúyẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá tíì lọ tán, kó mu ìkejì láàárín wákàtí tó tẹ̀ lé e, kó sì jẹun. Bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá tí orí ṣì ń fọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan mọ́, kó lọ rí dókítà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹlòmíràn, bíríkìlà tó ń mọlé nínú oòrùn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba nǹkan bíi lítà kan lára rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá mu píọ̀ wọ́tà méjì péré ní gbogbo wákàtí márùn-ún yẹn, ó ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè lítà mẹ́rin. Kò yẹ kí ó dúró dìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìdajì píọ̀ wọ́tà ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú ni kó máa mu láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tirẹ̀ ni iyọ̀ ti ní àyè. Bó bá wọ aṣọ dúdú, ẹ ó rí ìlà funfun ní ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí òógùn bá gbẹ. Iyọ̀ nìyẹn. Síbẹ̀ náà, bó bá jẹun àárọ̀ tó sì jẹun ọ̀sán, oúnjẹ yẹn tó láti dá iyọ̀ náà padà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìjẹun, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tó ń bì, òun ni ó nílò omi oníyọ̀ àti ṣúgà.

Bí a ṣe ń po ó nìyí. Ẹ mú lítà omi kan tó mọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì, ṣùgbọ́n ẹ wo ara ọ̀rá náà bóyá ó pé ìdajì lítà lóòótọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kí ó tẹ́, kí ó má ṣe ga bí òkìtì. Ẹ má yọ ṣúgà kúrò níbẹ̀, torí òun ló ń bá iyọ̀ àti omi wọlé láti inú ìfun. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ ORS sí lára ọ̀rá rẹ̀ ní ilé ògùn sàn ju èyí lọ, torí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù: ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ nínú píọ̀ wọ́tà kan. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ pò yẹn? Omi òkun ni! Bó ṣe níyọ̀ tó gan-an nìyẹn. Kíndìnrín ò lè tọ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù láìfa omi mìíràn kún un láti inú ara, nítorí náà ẹni tó ti gbẹ á tún gbẹ sí i. A kò gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àhesọ kan gba gbogbo Nàìjíríà pé omi iyọ̀ ń lé Èbólà. Àwọn èèyàn mu ún, wọ́n fi wẹ̀, ọ̀pọ̀ bá ara wọn ní ọsibítù, ìwé ìròyìn sì gbé e pé àwọn kan kú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ bi dókítà yín léèrè iye omi àti iyọ̀ tó tọ́ sí yín, ẹ má bi Wọ́tsáàpù.

Èyí kò wá ní kí ẹ máa da omi sínú bí ẹni ń dà á sí àmù. Kíndìnrín lè tọ nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kí ó pé píọ̀ wọ́tà mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Omi àmujù náà máa ń mú orí fọ́, torí ó ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì wú. Ìtọ̀ la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí omi ò tó lára rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á kéré, á pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ẹni tó mu àmujù, ìtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń funfun bí omi, inú á máa rú u, òrùka á sì fún un mọ́ ìka. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mu omi sí i rárá.

Ní ti Panadó, mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń pa ìrora lẹ́nu mọ́ nígbà tí ara ṣì gbẹ. Ní ti aibuprófẹ̀n, ẹ má lò ó nígbà tí omi ò sí lára yín, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ní ti àwọn ọ̀tá ilé bàbá, mo gbà pé àdúrà dára, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ Èlíjà nínú aginjù, tó sùn sábẹ́ igi, áńgẹ́lì tó wá bá a kò lé ẹ̀mí kankan jáde lára rẹ̀. Àkàrà àti ìgò omi ló gbé wá, ó sì jí i lẹ́ẹ̀mejì kó tún jẹ, kó tún mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ láìmu omi tí ẹ tún ń lọ ta ọjà nínú oòrùn oṣù kẹrin, ta ló rán yín? Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ẹ mu omi. Bí ẹ bá sì ṣínu lálẹ́, ẹ jẹun tó ní ọbẹ̀, kí iyọ̀ lè padà.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí le, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìgbà ooru tí orí ń fọ́ wa yìí náà ni sankarau ń jà nílẹ̀ Hausa, èyí tí àwa ń pè ní àrùn yírunyírun. Ní ọdún 2017, ó pa èèyàn tó ju 1,000 lọ ní Nàìjíríà, Zamfara ló sì ti le jù. Bí orí bá ń fọ́ pẹ̀lú ibà, tí ọrùn le débi pé àgbọ̀n ò lè kan àyà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ni ojú lára, ẹ má po iyọ̀, ẹ má dúró de omi kó ṣiṣẹ́. Ọsibítù ní wákàtí yẹn gan-an! Bákan náà ni ẹni tí oòrùn pa tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tó ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu, kó má bàa pa á lórí.

Mo ti bá àwọn aṣọ́nà sọ̀rọ̀: láti ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gbé omi sí ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wo arábìnrin tó dìde lọ mu omi tàbí lọ tọ̀ bí ẹni pé ó da ìsìn rú. Ẹni tó bá tún gbé omi iyọ̀ wá fún ẹnikẹ́ni nínú ọgbà ìjọ yìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa sọ ọ́.