Kí Tẹ̀tẹ̀dẹ́ Ṣáájú Ẹ̀fẹ̀

Ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Kétu, tí kò jìnnà sí Massè wa, Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé yọ sí agbo. Tẹ̀tẹ̀dẹ́ ni ó ń ṣáájú rẹ̀, tí ó sì ń pè é jáde. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ijó ọ̀sán yóò tẹ̀ lé e. Bí àwọn àgbà ṣe tò ó nìyẹn.

Ẹ wá wo bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń gbé irú òru bẹ́ẹ̀ sórí YouTube. Wọ́n á gé e sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n á gbé e síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tán. Lórí ìkànnì wọn, fídíò tí ó dé kẹ́yìn ni ó máa ń wà lókè, nítorí náà ijó ọ̀sán ni àlejò yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ó bá wo ọ̀kan tán, YouTube fúnra rẹ̀ ni yóò yan èyí tí ó kàn, ó sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá.

Àtòjọ ni a fi ń tún èyí ṣe. A ó ṣí àtòjọ kan nínú YouTube Studio, a ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ ara wa tò wọ́n, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a gbé wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a lè sọ àtòjọ náà di « série officielle », kí YouTube lè mọ̀ pé ńṣe ni a ń wò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n fídíò kan kò lè wà nínú irú rẹ̀ méjì. Bí a bá tún fẹ́ kó orin Ẹ̀fẹ̀ ọdún mẹ́ta pọ̀ sójú kan, àtòjọ lásán ni kí a lò fún ìyẹn. Kò sí ìdènà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi fídíò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àdírẹ́sì tí kò ní « list= » nínú ti já fídíò náà kúrò nínú àtòjọ, àní bí a ti tò ó dáadáa tó. Inú àtòjọ gan-an ni kí a ti mú un:

```
https://www.youtube.com/watch?v=...&list=...
```

Ìparí fídíò náà tún wà. « Écran de fin » máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 20 tí ó kẹ́yìn. Bí olórin bá ṣì ń dá orin lọ́wọ́ nígbà náà, àwòrán yóò bo ìbòjú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orin parí, kí ìlù nìkan kù, kí ẹ sì fúnra yín yan apá tí ó kàn síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi iye àwọn tí ó wo apá kọ̀ọ̀kan wé ara wọn. Kò sí bí àwọn òǹwòran kò ṣe ní dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí apá kejì bá já wálẹ̀ lójijì, ìparí apá kìíní ni kí ẹ tún wò. Ṣùgbọ́n bí ti apá kẹrin bá ju ti ẹ̀kẹta lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ ní òun nìkan, kí Ẹ̀fẹ̀ sì ti yọ sí wọn láìsí ẹni tí ó pè é.