Àmì àyọkúrò kì í ṣe gbèsè: bí táǹkì omi ṣe tún ìńdísìsì kọ́ mi

Tí ẹ bá ti Ṣàngó yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí ẹ ń lọ sí Ọ̀tà, ilé iṣẹ́ ni lọ́tùn-ún, ilé iṣẹ́ ni lósì. Ohun kan tún wà tí ẹ kò ní ṣàì rí: táǹkì omi oníke, kékeré àti ńlá, lórí irin, lẹ́yìn ilé, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Èrò mi ni pé ìdí táǹkì yẹn ló yẹ ká ti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìńdísìsì, kì í ṣe ìdí òfin méje tí wọ́n há sórí bí orin.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní Ṣàngó. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó mọ gbogbo òfin náà lórí. Mo kọ 8^(-1/3) sójú pátákó, ó ní ìdáhùn rẹ̀ ni -2. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àmì àyọkúrò ló wà níbẹ̀?" Mo tún òfin kà fún un, ó ní ó ti yé òun. Ọ̀sẹ̀ kejì, -2 náà ló tún kọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni. Òfin ni mo fún un, mi ò fún un ní ohun tí òfin náà ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpótí bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn ju táǹkì lọ. Àpótí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga ní ojú mẹ́fà. Ike tí a ó fi ṣe é jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6. Ẹ wá sọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ojú kọ̀ọ̀kan á di 2 × 2 = 4, ojú mẹ́fà á gba 24. Àmọ́ omi tó máa gbà á di 2 × 2 × 2 = 8. Omi di ìlọ́po 8, ike di ìlọ́po 4 péré.

Báwo la ṣe ń ti 8 dé 4? Ẹ kọ́kọ́ wá gbòǹgbò kẹta 8, ìyẹn nọ́ńbà tí a ó fi ara rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò di 8. Òun ni 2. Òun náà ni iye tí gígùn fi pọ̀ sí i. Ẹ wá fi 2 lọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di 4. Ohun tí 8^(2/3) ń sọ nìyẹn: 3 tó wà nísàlẹ̀ ní kí ẹ wá gbòǹgbò, 2 tó wà lókè ní kí ẹ lọ́po. Táǹkì náà ń tẹ̀ lé e, tí ìrísí rẹ̀ kò bá yí padà tí ike rẹ̀ kò sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti táǹkì 500 lítà lọ sí 4,000 lítà, ìlọ́po 4 ike ló nílò, kì í ṣe ìlọ́po 8.

Àmì àyọkúrò wá ńkọ́? Ẹ bi ara yín pé: lítà omi kan ṣoṣo, ike mélòó ló ń gbà nínú táǹkì ńlá? Ẹ ó fi omi pín ike: 8^(2/3) ÷ 8^1. Tí a bá ń pín, a máa ń yọ agbára kúrò lára agbára ni, 2/3 - 1 = -1/3. Ó di 8^(-1/3). Ní ìṣirò lásán, 4 ÷ 8 ni, ìdajì. Ike tí lítà kan ń gbà ti dín sí ìdajì. Àmì àyọkúrò yẹn ò sọ pé a jẹ gbèsè ike, pínpín ló ń sọ. Nígbà tí mo bi ọmọ yẹn pé, "Ṣé ike -2 lo fẹ́ fi ṣe táǹkì?", ẹ̀rín ló pa á, kò sì ṣe àṣìṣe yẹn mọ́ lójú mi.

Àṣìṣe kejì burú jù, torí ó máa ń fara pamọ́. Àwọn kan máa ń ka 8^(2/3) sí 8 × 2/3, wọ́n á rí 5.33. Nọ́ńbà yẹn jọ òótọ́, ó ju 1 lọ, kò sì tó 8. Bí ẹ ṣe máa mú un nìyí: ẹ dá a padà. Ìdáhùn gidi, tí ẹ bá fi lọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbọ́dọ̀ di 8 × 8, ìyẹn 64. 4 × 4 × 4 jẹ́ 64. Ṣùgbọ́n 5.33 lẹ́ẹ̀mẹta ju 150 lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn rò pé a lè pín agbára sórí àròpọ̀. Tí (4 + 4)^(2/3) bá dọ́gba pẹ̀lú 4^(2/3) + 4^(2/3), a jẹ́ pé táǹkì ńlá kan àti táǹkì kékeré méjì ń gba ike kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4, ti èkejì jẹ́ nǹkan bíi 5.04. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni èrè tó wà nínú táǹkì ńlá.

Fóònù náà máa ń tanni jẹ. Ẹ tẹ èyí sínú Python:

```
8**-1/3     # 0.041666666666666664
8**(-1/3)   # 0.5
```

Láìsí àkámọ́, 8^(-1) ló kọ́kọ́ ṣe, ó wá fi 3 pín in. Kọ̀ǹpútà ò ṣe àṣìṣe, ohun tí ẹ sọ fún un ló ṣe. Tí agbára bá ti jẹ́ ìdá, ẹ fi àkámọ́ yí i ká.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa táǹkì á ti máa mi orí sí mi báyìí. Òótọ́ ni, ibì kan wà tí ìṣirò mi dúró sí. Tí omi bá jìn ní ìlọ́po méjì, ó ń ti ìsàlẹ̀ táǹkì ní ìlọ́po méjì, ẹ̀gbẹ́ tó sì fẹ̀ sí i tún ń ru ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n torí ìyẹn sọ ìnípọn ike di ìlọ́po méjì, ìyẹn 8^(1/3). Ike á di 8^(2/3) × 8^(1/3). Ẹ ro agbára méjèèjì pọ̀, 2/3 + 1/3, ó di 8^1. Gbogbo èrè ti lọ! Òfin tó fi èrè hàn wá náà ló sọ ibi tó parí sí.

Wọ́n ti ń kọ agbára báyìí tipẹ́. Ní 1676, Newton ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan pé bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ agbára tó jẹ́ odidi, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń kọ èyí tó jẹ́ ìdá àti èyí tó ní àmì àyọkúrò. Kò dá òfin tuntun sílẹ̀ fún wọn, ti àtijọ́ náà ló fi ń ṣe é.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn àbúrò yín nílé, ẹ má tíì fún wọn ní òfin méje. Ẹ fi páálí ṣe àpótí méjì, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan gùn ní ìlọ́po méjì èkejì. Ẹ ní kí wọ́n ka ojú rẹ̀, kí wọ́n sì fi kékeré wọn iyanrìn sínú ńlá. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n á bu ú kó tó kún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá kọ 8^(2/3) síwájú wọn.