Ẹ Wọ́gi Lé Iṣẹ́ Náà Lójú Gbogbo Wa

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, iṣẹ́ àkànṣe kì í kú, ńṣe ló máa ń sùn. Wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, wọ́n á dá ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù sílẹ̀, ìpàdé á máa lọ déédéé fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dákẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé owó kò wá mọ́. Olórí ikọ̀ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da ohùn inú rẹ́kọ́dà kọ sínú ìwé kò mọ̀, ó ṣì ń ra dátà, ó ṣì ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru. Lójú tèmi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ìròyìn burúkú lọ, nítorí pé àkókò ẹni tí kò mọ̀ ló ń jẹ.

Mo mọ ohun tó ń pa olórí lẹ́nu mọ́. Ojú ń tì í, ó sì ń rò ó pé bóyá owó lè tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n sísọ ọ́ nìkan kọ́ ló tó. Ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1959, ìjọba Kánádà wọ́gi lé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ogun kan tí wọ́n ń pè ní Avro Arrow. Olórí ìjọba, John Diefenbaker, kéde rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé iṣẹ́ tó wà ní Malton, lẹ́bàá Toronto, ló sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn níbẹ̀ tó 14,000. Nígbà tó yá, wọ́n gé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe náà wẹ́wẹ́. Títí dòní làwọn ará Kánádà ń jiyàn bóyá ìjọba ṣe ohun tó tọ́. N kò sí nínú ìjà yẹn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ló bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kò sì lè dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá bi í pé, “Èmi ńkọ́?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni Gúgù pa iṣẹ́ Loon tì ní oṣù Kìíní ọdún 2021, iṣẹ́ tó ń fi bàlúùnù ńlá gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sókè ọ̀run, wọ́n sọ pé àwọn kan nínú ikọ̀ náà yóò gba ibòmíràn lọ nínú ilé iṣẹ́, pé àwọn díẹ̀ yóò dúró láti palẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́, àwọn tó sì ń lò ó ní Kẹ́ńyà gbọ́ pé yóò dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹta. Ìmọ̀ tí wọ́n ti ní nípa fífi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni wọ inú iṣẹ́ mìíràn, Taara. Ìròyìn burúkú ni, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn nínú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un wá sílé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ń ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aláró ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tí yóò ṣeé lò lórí fóònù. Àwọn méjì ń gba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀ lórí èlú, ìkòkò aró, àdìrẹ oníko àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹnì kan ń da ohùn kọ sílẹ̀, ẹnì kan ń ṣe ètò orí fóònù, ẹnì karùn-ún sì ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ohùn wákàtí 11 ti wà nílẹ̀, 4 péré la ti dà kọ. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wá pinnu pé owó ọkọ̀ kò sí mọ́.

Kí olórí tó pe ìpàdé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ìgbìmọ̀ bóyá ìpinnu náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó pe ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà lè ba ọdún rẹ̀ jẹ́. Kó sọ fún un ní wákàtí kan ṣáájú àwọn yòókù. Bó bá di ọjọ́ kejì, òfófó á ti ṣáájú.

Ní ìpàdé, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde: “Ẹ káàsán o. Iṣẹ́ Ìtòkú ti dópin lónìí. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ló pinnu rẹ̀ lánàá, kò sì ní yí padà. Owó ọkọ̀ ló tán, kì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò dára.” Ọ̀pọ̀ olórí máa ń fi ìyìn ṣíwájú, ṣùgbọ́n bí ìyìn bá gùn jù, a ó ti máa fura, tí ọ̀rọ̀ náà bá sì jáde tán, ìyìn náà á dà bí ẹ̀tàn. Ẹ̀yìn ìdí ni kí ìyìn wà, kó sì lórúkọ. “Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́” kò kan ẹnikẹ́ni. “Ìwọ lo padà sí Ìtòkú lẹ́ẹ̀mẹta torí pé ariwo ọjà bo ohùn ìyá yẹn mọ́lẹ̀” kan ẹni tó ṣe é, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà á sì mọ̀ pé olórí rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan “èmi ńkọ́”. Ẹni tó ń da ohùn kọ parí wákàtí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kó sì kọ ibi tó dúró sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ ń lo ohun tó wà nílẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí i pé ó tó. Ẹni tó ṣe ètò fóònù kó iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀ka, ó sì láṣẹ láti fi han ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ padà sí Ìtòkú lẹ́ẹ̀kan sí i, owó ọkọ̀ ìyẹn sì gbọ́dọ̀ wà, láti kí àwọn ìyá, kí wọ́n sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti dúró, kí wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀dà ohùn wọn. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn wà nínú ikọ̀ náà, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí lórí Wọ́sáàpù. Olórí fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan láti kọ lẹ́tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe gan-an.

Ẹnì kan á béèrè pé, “Ṣé a ò lè dáwó fúnra wa?” Kí olórí má ṣe dáhùn pé “a ó máa wò ó.” Bí ẹ̀ka kò bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ lórúkọ òun, kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì sí iṣẹ́ kankan tó kù fún ẹnì kan, ẹ sọ ìyẹn náà fún un kó lè gba ibòmíràn lọ. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ẹnì kan nínú ikọ̀ ṣì ń béèrè ìgbà tí ìpàdé mìíràn máa wáyé, a jẹ́ pé kò tíì gbọ́. Kí olórí pè é, kó sì tún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sọ.