Bí Owó Ìsọ̀ Bá Dín Lálẹ́

Lẹ́tà ìyá kan tó ní ìsọ̀ ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ọmọbìnrin tó ń bá òun tajà ti di olè, nítorí pé owó fi ₦3,000 dín lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òun yóò sì lé e lọ bí oṣù bá parí. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ọjọ́ náà hàn mí.”

Ó fi í hàn mí. Iye ọjà tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn tà jẹ́ ₦86,400. Nínú rẹ̀, ₦21,500 gba orí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn oníbàárà fi ₦14,000 ránṣẹ́ sí báńkì. Ó ku ₦50,900 tó yẹ kó jẹ́ owó ọwọ́. Ẹ fi ₦10,000 ṣéńjì tí wọ́n fi ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ kún un, kí ẹ yọ ₦2,400 tí wọ́n fi ra epo jẹnẹrétọ̀ kúrò. Ó yẹ kí ₦58,500 wà nínú àpótí. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ₦55,500.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka àláàtì báńkì ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦17,000 ló wọlé, kì í ṣe ₦14,000. Ẹnì kan ti fi ₦3,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù, ọmọ náà sì kọ ọ́ sí abẹ́ owó ọwọ́. Owó kò sọnù rárá. Bí owó ọwọ́ bá dín, tí iye kan náà sì lé níbòmíràn, ọwọ́ ló ṣì nínú ìwé. Bí iye tó dín bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yí nọ́ńbà padà, bí ẹni kọ 5,400 dípò 4,500. ₦900 ni ìyàtọ̀ wọn.

Mo wá bá ìyá náà kọ ìlànà sórí ìwé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́yìn káńtà. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, àwọn méjèèjì yóò ka ₦10,000 ṣéńjì, wọ́n á fọwọ́ sí i. Oníbàárà tó bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ kò ní gbé ọjà títí owó náà yóò fi hàn nínú àkáǹtì ìsọ̀. Àláàtì tó wà lórí fóònù tirẹ̀ kò tó. Owó tó bá jáde kúrò nínú àpótí gbọ́dọ̀ fi ìwé pélébé rọ́pò ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ owó ọ̀gá. Ìyá fẹ́ jiyàn níbí yìí! Ó ní owó òun ni. Mo ní tiyín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ₦500 fún ọmọ iléèwé láìkọ ọ́, ta ni wọn yóò bi léèrè lálẹ́?

Lálẹ́, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ ka owó, ẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀, yóò sì fi bírò kọ iye tó bá níbẹ̀ kí ìyá tó ṣírò iye tó yẹ kó wà. Ẹni tó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ á kàn máa ka owó bá a ni. Pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Àpapọ̀ rìsíìtì rẹ̀ ni kí ẹ wò, nítorí pé báńkì lè yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ kejì kó tó san ìyókù. Bí owó bá dín, kí ó má ṣe fi tirẹ̀ dí i. Bí ó bá lé, kí ó má ṣe tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí yóò dín. Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. ₦10,000 padà sínú àpótí fún òwúrọ̀ ọ̀la, ìyókù di ti báńkì.

Mo sọ ibi tí agbára ìlànà yìí mọ fún un. Bí ẹnì kan bá ta ọjà tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ rárá, tó sì fi owó náà sápò, gbogbo ìṣírò alẹ́ yóò bára mu réké. Ọjà fúnra rẹ̀ ni a ó kà. Bí agolo mílíìkì bá jẹ́ 40 lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ ra 24 kún un, tó ku 30 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 34 ló yẹ kí ìwé sọ pé ẹ tà. Bí ìwé bá sọ 29, agolo márùn-ún ló yẹ kí ẹ béèrè.

Ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.