Ọ̀fìnkìn Ò Tó Ohun Tí À Ń Torí Ẹ̀ Dá Ọmọ Padà Lọ́jọ́ Àjẹsára

Púpọ̀ nínú wa tí à ń ti ilé wá sílé ẹ̀kọ́ la ní àbúrò kékeré nílé, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n máa ń pọ̀n lé wa lẹ́yìn. A mọ kádì àjẹsára, a sì mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí ọmọ máa padà wá sínú rẹ̀. Àmọ́ bí ọjọ́ náà bá pé, tí imú ọmọ wá ń ṣàn, tàbí tó yàgbẹ́ olómi lóru, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ yá ná." Ìyá ọmọ lè sọ bẹ́ẹ̀, màmá àgbà lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, nọ́ọ̀sì gan-an ló máa sọ ọ́, tí ìyá á sì gbé ọmọ padà sílé.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn lásán ń ṣe, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru díẹ̀ ń yọ lẹ́nu, lè gba àjẹsára lónìí, ó sì yẹ kó gbà á lónìí. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé kúkú nìyẹn. Àìsàn kékeré, kódà bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ìdí láti dá ọmọ padà.

Ohun tó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù yé mi. Wọ́n gbà pé ara tó ń bá àìsàn jà ti rẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ máa wá di ẹrù kejì lórí ẹni tó ti ru ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wa kì í ṣiṣẹ́ bí orí alárù. Ẹ wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu, tó ń mu ọmú, tí gbogbo ará ilé ń gbé. Oríṣiríṣi kòkòrò àìrí ló ń bá pàdé lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì ń dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí àjẹsára fún ara ṣe kéré sí èyí. Kòkòrò tí wọ́n ti pa, tàbí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, tàbí ègé kan lára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀fìnkìn kì í gba agbára ara tán débi tí kò fi ní lè kọ́ ẹ̀kọ́ kékeré yẹn.

Ṣé gbogbo àìsàn wá ni a lè pè ní kékeré ni? Rárá o. Ibi tó yẹ ká ti fara balẹ̀ nìyí. Bí ọmọ ò bá lè mu ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó bá gbé mì, tí gìrì mú un, tàbí tó kàn sùn lọ fọnfọn tí a ò lè jí i dáadáa, ìyẹn ti kúrò ní kékeré. Ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, kíá. Bákan náà ni bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí, tàbí tó ń mí kíákíá: fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan, ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń pè ní kíákíá. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ni, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn wọnú, kí ẹ sì rọra fún awọ ikùn rẹ̀ jọ kí ẹ wò ó bóyá ó ń pẹ́ kó tó padà sípò. Omi ti ń tán lára ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ náà kì í ṣe ohun kékeré.

Ti ara gbígbóná, tẹmómítà ló ń sọ òótọ́, ọwọ́ tí a fi kan iwájú orí ò tó. Bí ó bá wà lábẹ́ 38.5, tí ọmọ sì ń mu ọmú, tí ojú rẹ̀ dá, wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì yàtọ̀. Bí tirẹ̀ bá ti dé 37.5, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, torí pé ní ọjọ́ orí yẹn, ibà nìkan lè jẹ́ àmì àìsàn ńlá tí a ò tíì rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n bí Àbẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ọdún 2026. Ní orílẹ̀-èdè wa, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń fún ọmọ nígbà ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ń padà lọ. Ti Àbẹ̀kẹ́ á wá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin. Ó gba ti àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó sì ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹta láti àná. Tẹmómítà ka 37.4. Ó ń mu ọmú, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò jìn, ó sì ń tọ̀ dáadáa. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ yẹ kó gba gbogbo tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà tó ń dènà àrùn márùn-ún, abẹ́rẹ́ tó ń dènà òtútù àyà, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún ìgbẹ́ gbuuru ti rótà, àti èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún rọpárọsẹ̀. Ti rótà, bí ìgbẹ́ tàbí èébì bá le gan-an ni wọ́n á ní kó dúró díẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ ò le tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún rọpárọsẹ̀ ló ní ìlànà tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ráyè dúró nínú ìfun ọmọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí ìfun bá ń tú jáde, ó lè má ráyè dúró. Ohun tí ìlànà sọ ni pé kí wọ́n ṣì kán an sí ọmọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ka ìyẹn mọ́ iye tó yẹ kó gbà, kí ọmọ sì gba òmíràn lé e lẹ́yìn náà. Àbẹ̀kẹ́ á gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, á gbà á ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, á sì padà wá gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní ọjọ́ 11 oṣù Kàrún. Kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú kádì kó má bàa di ìgbàgbé. Ní ti àwọn abẹ́rẹ́, ìgbẹ́ gbuuru ò kàn wọ́n, torí wọn ò gba inú ìfun kọjá.

Ká wá ní wọ́n dá a padà ńkọ́? Bí ó bá padà wá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló dà bíi pé ó sọnù. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ wà láàárín pẹ́ńtà kan sí òmíràn. Ẹ̀kẹta ò ní lè ṣẹlẹ̀ kó tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Ọ̀kan nínú àrùn márùn-ún tí pẹ́ńtà ń dènà ni ikọ́ burúkú tó ń mú ọmọ húkọ́ léraléra títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù díẹ̀ ló sì ń pa jù. Àsìkò tí Àbẹ̀kẹ́ nílò rẹ̀ jù lọ gan-an la jẹ́ kó rìn láìní ààbò tó pé. Bẹ́ẹ̀, ta ló ní ọ̀fìnkìn míì ò ní mú un ní ọjọ́ 30? Ọmọ kékeré kì í pẹ́ kí imú rẹ̀ tún tó máa ṣàn. Owó ọ̀kadà ò sì rọrùn, ọjọ́ ọjà ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa bi mí. Bí ara ọmọ bá wá gbóná sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò ní di ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì? Òótọ́ ni, mo sì rò pé ẹ̀rù yìí gan-an ló ń mú kí àwọn nọ́ọ̀sì kan dá ọmọ padà. Àjẹsára fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ara ọmọ aláìlárùn gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa yanjú èyí. Kí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá kó tó kúrò níbẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, kó sì sọ àwọn àmì tó bá rí tó fi gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá kíákíá. Kó tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru náà lọ́jọ́ yẹn kan náà: kí ọmú má dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà inú pákẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, àti oògùn síńkì. Ìyá tí wọ́n ṣàlàyé fún kì í bínú bí ìyá tí ọ̀rọ̀ bá lójijì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọjọ́ inú kádì bá pé, tí wọ́n sì ń sọ nílé pé imú ọmọ ń ṣàn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n ṣì gbé e lọ. Kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́, kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì pinnu. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà sílé, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àmì wo lẹ rí lára ẹ̀ tí ò fi lè gbà á lónìí?" Bó bá jẹ́ pé àmì ewu wà lóòótọ́, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sì sọ ibi tó yẹ kí ẹ gbé ọmọ lọ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀fìnkìn nìkan ni wọ́n rí, ìbéèrè yẹn lè tó láti mú kí wọ́n ṣí kúlà náà.