Owó Iṣẹ́ Kọngílá: Èló Ló Yẹ Kó Dé Ọwọ́ Rẹ̀?

Bí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá bá sanwó iṣẹ́ fún kọngílá ní Ìlọrin, iye tó wọ báńkì kì í sábà bá iye inú ìwé àdéhùn dọ́gba. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, owó tó dín yẹn kò tíì di owó ẹlòmíràn. Owó kọngílá náà ni, tó wà nínú àpò ìjọba dè é, bó bá mọ ọ̀nà tí yóò gbà béèrè rẹ̀.

Owó-orí àyọsílẹ̀ ni. Kì í ṣe owó-orí ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń sanwó ni òfin ní kó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí àjọ agbowó-orí, gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ lórí owó-orí èrè tí kọngílá náà yóò jẹ lópin ọdún. Ìlànà ọdún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kìíní ọdún 2025, dín iye tí wọ́n ń yọ kù. Fún ẹni tó ń ra ọjà wá fún ìjọba, ìdá 5 nínú 100 ti àtijọ́ di ìdá 2.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan gba iṣẹ́ láti ra àga àti tábìlì wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ní mílíọ̀nù 10 náírà láìka fáàtì mọ́ ọn. Fáàtì, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, jẹ́ 750,000 náírà. Ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ náà yóò kọ yóò jẹ́ 10,750,000. Ìjọba yóò dá fáàtì dúró, yóò sì san án fún àjọ tó ni ín. Lẹ́yìn èyí ni yóò yọ ìdá 2 nínú mílíọ̀nù 10, ìyẹn 200,000 náírà. Ohun tó yẹ kó wọ báńkì ni 9,800,000.

Bó bá jẹ́ 9,785,000 ló dé, a jẹ́ pé akọ̀wé owó ṣírò ìdá 2 náà mọ́ fáàtì, èyí tí kò tọ́. Bó bá jẹ́ 9,500,000, ìdá 5 àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Bó bá sì jẹ́ 9,600,000, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà má fi nọ́ńbà asanwó-orí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in. (Ti káfíńtà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àga náà tún yàtọ̀: ìlànà yọ ọjà tí ẹni tó ń tà á ṣe fúnra rẹ̀ kúrò pátápátá. Káfíńtà mélòó ló mọ̀?)

Ọ̀fìn tó jìn jù wà nínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé mílíọ̀nù 10 náà ti ní fáàtì nínú, owó ọjà gan-an di 9,302,326. Fáàtì yóò lọ, ìdá 2 yóò lọ, 9,116,279 ni yóò sì dé. Ẹni tó ti ṣírò èrè 800,000 náírà kí ó tó buwọ́ lùwé, láìka fáàtì sí, yóò rí i pé èrè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjọba kọ́ ló rẹ́ ẹ jẹ nínú èyí.

Ibi tí ìjọba ti jẹ̀bi ni rìsíìtì. Ẹni tó yọ owó gbọ́dọ̀ fún kọngílá ní rìsíìtì tó ní orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, irú iṣẹ́ náà, àpapọ̀ owó, iye tí wọ́n yọ àti oṣù tí ìsanwó náà jẹ mọ́. Ìlànà 2024 tilẹ̀ sọ pé rìsíìtì náà tó láti fi gba ẹ̀tọ́, ì báà jẹ́ pé ẹni tó yọ owó ti fi ránṣẹ́ tàbí kò tíì fi ránṣẹ́. Láìsí rìsíìtì, 200,000 náírà yẹn ti rì. Kí kọngílá tún wo àjọ tí wọ́n san án fún: ti ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì jẹ́ ti àjọ ìjọba àpapọ̀, ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ní Kwara sì jẹ́ ti àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Òfin ti ní kí wọ́n má san owó-orí èrè, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ìdá 2 lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ta ọjà fún ìjọba. Gbogbo iye tí wọ́n yọ ló wá di owó tó yẹ kí ìjọba dá padà. Ẹni tó yá owó ra àga ń san èlé ní gbogbo oṣù tó fi ń dúró. Ó tọ́ kí ọ́fíìsì tó bá ń sanwó ní Ìlọrin fi rìsíìtì náà mọ́ fáúṣà ní ọjọ́ kan náà tó bá yọ owó, kí kọngílá má bàa máa gun àtẹ̀gùn wá bẹ̀bẹ̀ fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.